Kérésì tún bọ́ sọ́wọ́ àwọn kan náà: bí a ṣe ń pín dúútì òpin ọ̀sẹ̀ àti ọlidé ní wọ́ọ̀dù

*Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èmi ni mo ń ṣe àbójútó wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Nọ́ọ̀sì méjìlá ló wà lábẹ́ mi. Mo pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì, ẹni mẹ́fà-mẹ́fà. Bí ọ̀wọ́ kan bá ṣe ọlidé yìí, èkejì ni yóò ṣe èyí tó bá tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń ṣe òpin ọ̀sẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀wọ́ kìíní ń bínú pé àwọn ló ṣe Kérésì lọ́dún méjì léraléra, wọ́n ní mò ń ṣe ojúsàájú. N kò yí ètò náà padà rí. Níbo ló ti wọ́?*

Sístà mi, ètò yẹn gan-an ló wọ́, ẹ kò sì níláti fọwọ́ kan án kó tó wọ́. Ẹ jẹ́ ká ka ọlidé tó wà nínú ọdún. Ti ìjọba àpapọ̀ jẹ́ mẹ́tàlá bí nǹkan kò bá dà á rú: ọjọ́ kìíní ọdún, Ẹtì Rere àti ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní 1 Oṣù Karùn-ún, 12 Oṣù Kẹfà, 1 Oṣù Kẹwàá, Kérésì àti ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ méjì fún Ìtúnu Ààwẹ̀, ọjọ́ méjì fún Iléyá, ọjọ́ kan fún Máólúdì. Bí ọ̀wọ́ méjì bá ń gba mẹ́tàlá yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀wọ́ tó ṣe Kérésì lọ́dún yìí kò ní ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀, torí mẹ́tàlá kò ṣe é pín sí méjì dọ́gba. Ohun tó ń yí Kérésì láti ọwọ́ kan sí èkejì kò ju ìyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ yín ní Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní 20 Oṣù Kẹjọ. Ọlidé ti di mẹ́rìnlá nìyẹn, mẹ́rìnlá sì pín sí méjì geere. Ọ̀wọ́ tó bá gba ọjọ́ kìíní ọdún ni yóò gba ìkẹta, ìkarùn-ún, títí dé ìkẹtàlá, Kérésì sì ni ìkẹtàlá. Ọjọ́ kejì Kérésì á bọ́ sọ́dọ̀ èkejì, ọjọ́ kìíní ọdún tuntun á tún padà sọ́dọ̀ àwọn ti àkọ́kọ́. Ọdún tó bá ti ní ọlidé mẹ́rìnlá, ọ̀wọ́ kan náà ni yóò ṣe Kérésì àti Ọdún Tuntun bíi ti tẹ́lẹ̀. Tí ìjọba bá wá fi ọjọ́ kan kún un láìrò tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tún yí padà. Ó ṣẹlẹ̀ ní 2024: ìjọba ti kéde ọjọ́ Ìṣẹ́gun 9 àti Ọjọ́rú 10 Oṣù Kẹrin fún Ìtúnu Ààwẹ̀, wọn kò rí oṣù, wọ́n sì fi Ọjọ́bọ̀ kún un. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí a fi kún ọlidé ní oṣù kẹrin tó láti pinnu ẹni tí yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kejìlá. Ẹni tó ń wo róstà kò ní mọ̀, ìyẹn ló fi máa ń dà bíi pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ má to gbogbo ọlidé sórí ìlà kan mọ́. 1 Oṣù Karùn-ún àti Kérésì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ní ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pàdánù ọjọ́ kan, ẹni tó ṣe Kérésì pàdánù ọdún kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọdún ńlá kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, kí ẹ sì so ó mọ́ èkejì rẹ̀. Kérésì àti Ọdún Tuntun á jẹ́ ìso kan, Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá á jẹ́ ìso kan. Ẹni tó bá ṣe ọ̀kan nínú ìso kò ní ṣe èkejì lọ́dún náà, lọ́dún tó tẹ̀lé e ni wọn yóò pààrọ̀. Àwọn ọlidé kéékèèké lè máa lọ lórí ìlà kan ṣoṣo bí ẹ ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, níwọ̀n bí wọn kò ti ní lè ti Kérésì síwájú tàbí sẹ́yìn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́ọ̀dù tiyín ṣe é. Mo gbà pé ní ọlidé, ẹ nílò ẹni méjì láàárọ̀ láti aago mẹ́jọ sí aago méjì, ẹni méjì lọ́sàn-án títí di aago mẹ́jọ alẹ́, àti ẹni méjì lálẹ́ títí di aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ẹni mẹ́fà gééré nìyẹn, ìdajì àwọn ènìyàn yín. Ẹ má wo Kérésì gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ kan. Ìdìpọ̀ ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ 24, ó sì parí ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ 27. Ẹni mẹ́fà kan náà ni yóò gbé gbogbo ìdìpọ̀ náà: mẹ́rin ní ojúmọmọ ọjọ́ 25 àti 26, méjì ní alẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn mẹ́fà tó kù yóò wà nílé pátápátá. Ìdí tí mo fi sọ pé kí ẹ má gé e sí wẹ́wẹ́ ni pé nọ́ọ̀sì tí wọ́n fún ní ọ́ọ̀fù ọjọ́ 25 nìkan, tí yóò sì wọlé iṣẹ́ àárọ̀ ní ọjọ́ 26, kò lè lọ sí Èkìtì kó sì padà. Lórí ìwé, ó ṣe Kérésì nílé, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò rí i.

Ìdìpọ̀ kejì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ 31, ó parí ní òwúrọ̀ ọjọ́ 2 Oṣù Kìíní. Àwọn mẹ́fà tó sinmi ní Kérésì ló ni ín. Mo ti rí róstà tí wọ́n kọ alẹ́ ọjọ́ 31 sí iṣẹ́ ojoojúmọ́ torí pé ọjọ́ 31 kì í ṣe ọlidé, bẹ́ẹ̀ sì ni ìṣọ́ òru àjọ́dún wà lóru yẹn, tí gbogbo ilé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òru yẹn wúwo ju ojúmọmọ ọjọ́ kìíní fúnra rẹ̀ lọ. Ìdìpọ̀ Kérésì gùn ju ti Ọdún Tuntun lọ, òótọ́ ni, àmọ́ bí àwọn méjèèjì ti ń pààrọ̀ lọ́dọọdún, láàrin ọdún méjì yóò dọ́gba.

Nínú ẹni mẹ́fà yẹn náà, ìṣòro kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kọ sílẹ̀: ta ló gba alẹ́? Méjì nínú mẹ́fà ni yóò gbà á. Ẹni tó bá gba alẹ́ nígbà tí Kérésì kàn án kò gbọdọ̀ tún gbà á títí àwọn mẹ́rin yòókù nínú ọ̀wọ́ rẹ̀ yóò fi gbà á tán. Ìyẹn túmọ̀ sí pé alẹ́ Kérésì yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan láàrin ọdún mẹ́fà. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò rántí, àwọn ọmọdé tí kò tíì lọ́kọ ni wọn yóò sì máa kó o fún. Bí ẹ bá ń lo ètò alẹ́ méje lẹ́nu iṣẹ́, alẹ́ méje nílé, ẹ gé e ní ọjọ́ 24, kí ẹni tó ti ṣe alẹ́ mẹ́rin bọ̀ má baà kó mẹ́ta mìíràn lé e.

Ní ti ọdún àwọn Mùsùlùmí, ẹ má kọ déètì sínú ètò ọdún yín, orúkọ ọjọ́ náà ni kí ẹ kọ: «ọjọ́ ìrun Ìtúnu Ààwẹ̀», «ọjọ́ kejì». Ní 2024 yẹn, ẹni tí wọ́n yàn sí 9 Oṣù Kẹrin torí pé wọ́n rò pé ọjọ́ ọdún nìyẹn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ààwẹ̀, nígbà tí ọdún gan-an bọ́ sí ọwọ́ ẹni tó rò pé ọjọ́ kejì ni òun gbà. Tí ó bá jẹ́ orúkọ ọjọ́ la kọ, kò sí ìjà: ẹni tó gba ọjọ́ ìrun mọ̀ pé ọjọ́ tí ìrun bá bọ́ sí ni òun yóò wá. Wàhálà kejì ni pé ọlidé tí ìjọba kéde lè máà jẹ́ ọjọ́ ọdún rárá. Ní 2025, Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí Sọ́ńdè, 30 Oṣù Kẹta. Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìjọba fi ṣe ọlidé. Wọ́ọ̀dù tó bá ń ka ọlidé tí ìjọba kéde nìkan yóò kọ Sọ́ńdè yẹn sílẹ̀ bí òpin ọ̀sẹ̀ lásán, nọ́ọ̀sì Mùsùlùmí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń kírun kò sì ní rí ohunkóhun gbà fún un. Àwọn Kristẹni ní irú rẹ̀: Sọ́ńdè Àjíǹde kì í ṣe ọlidé ìjọba. Ẹni tí òpin ọ̀sẹ̀ bá kàn ní ọ̀sẹ̀ yẹn, tí wọ́n sì tún fún ní ọjọ́ Ajé, ti ṣe gbogbo ọdún náà tán kó tó mọ̀. Èmi máa ń ka Ẹtì Rere sí ọjọ́ Ajé bí ọjọ́ mẹ́rin tó so pọ̀, mo sì máa ń pín in sí méjì láàrin: Ẹtì àti Sátidé fún ọ̀wọ́ kan, Sọ́ńdè àti Ajé fún èkejì, kí wọ́n pààrọ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e.

Ẹ ó ti máa bi ara yín pé kí ló dé tí a kò kàn jẹ́ kí àwọn Mùsùlùmí ṣe Kérésì, kí àwọn Kristẹni sì ṣe Iléyá. Àṣà tó dára ni, ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù nílẹ̀ Yorùbá ló ń ṣe é, n kò sì ní sọ pé kí ẹ pa á tì. Àmọ́ ẹ ka ènìyàn yín kí ẹ tó gbé e lé e. Bí Mùsùlùmí bá jẹ́ mẹ́ta nínú méjìlá, àwọn mẹ́ta yẹn yóò máa ṣe Kérésì títí wọn yóò fi fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù lọ́jọ́ náà ṣì wà nílẹ̀ fún Kristẹni láti ṣe. Ilé ìwé ti gba ọlidé fún ọmọ Mùsùlùmí náà, àwọn ìbátan rẹ̀ ń ti Èkó bọ̀ bíi ti gbogbo ènìyàn. Ẹ má sì fi orúkọ ẹni mọ ẹ̀sìn rẹ̀, ilé ọkọ lè ti yí nǹkan padà. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ní oṣù kẹsàn-án: èwo nínú ọdún ńlá mẹ́rin yìí ni yóò dun òun jù láti pàdánù? Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ yàn láti ṣiṣẹ́ ní Kérésì, kó ṣe é, kó sì rí ọdún tirẹ̀ gbà pátápátá. Ẹni tí kò bá yàn án, kí ẹ má fi í ṣe Kérésì méjì tó tẹ̀ léra.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí òpin ọ̀sẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìrẹ́jẹ tó fara pamọ́ jù wà. Ẹ wo nọ́ọ̀sì méjì tí róstà kọ «ọ́ọ̀fù» fún ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ọ̀kan parí iṣẹ́ ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Èkejì ṣe alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó kúrò ní wọ́ọ̀dù ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Sátidé lẹ́yìn tó ti fa iṣẹ́ lé àwọn ará àárọ̀ lọ́wọ́, ó dé ilé ní aago mẹ́wàá, ó sùn di ọ̀sán. Òkú ọjọ́ ni Sátidé rẹ̀. Bí ìgbéyàwó ìbátan rẹ̀ bá wà lọ́jọ́ náà, tí ó bá lọ, ojú oorun ni yóò fi jó. Róstà sọ pé àwọn méjèèjì gba òpin ọ̀sẹ̀ kan náà.

Nítorí èyí ni mo ṣe ń lo máàkì dípò kí n ka òpin ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ ojúmọmọ Sátidé jẹ́ máàkì kan, ti Sọ́ńdè jẹ́ ọ̀kan. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ọ̀kan, torí ó jẹ Sátidé. Alẹ́ Sátidé jẹ́ méjì, torí ó gba alẹ́ àríyá, ó sì tún gba àárọ̀ ìsìn. Alẹ́ Sọ́ńdè jẹ́ ọ̀kan. Ẹ lè rò pé alẹ́ Sátidé yẹ kó jẹ́ ọ̀kan ààbọ̀, èmi kò ní bá yín jà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí gbogbo wọ́ọ̀dù jókòó fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì yí i padà láàrin ọdún.

Ẹ wò ó bó ṣe ń fi nǹkan hàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ló wà nínú oṣù mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì kan ṣe òpin ọ̀sẹ̀ méje, gbogbo rẹ̀ ojúmọmọ, Sátidé àti Sọ́ńdè: máàkì mẹ́rìnlá. Èkejì ṣe mẹ́fà, òun náà ní ojúmọmọ: méjìlá. Ṣùgbọ́n èkejì yìí tún ṣe alẹ́ ọjọ́ Ẹtì mẹ́rin ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ «ọ́ọ̀fù» fún un. Ó ti di mẹ́rìndínlógún. Tí ẹ bá ka òpin ọ̀sẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ ló jìyà jù, ẹ ó sì fi òpin ọ̀sẹ̀ tó kàn bọ èkejì lọ́rùn. Tí ẹ bá ka máàkì, ẹ ó rí i pé òun gan-an ló yẹ kó sinmi.

Níparí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ yọ máàkì ẹni tó kéré jù kúrò nínú ti ẹni tó pọ̀ jù. Bí ìyàtọ̀ bá ju mẹ́ta lọ, ẹ fi róstà oṣù tó ń bọ̀ tún un ṣe. Ẹ má sọ ìwé yẹn di òfo rárá ní oṣù kìíní ọdún. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan láti òdo, gbèsè tí a jẹ ẹnì kan ní oṣù kọkànlá á sì run mọ́ inú ìwé àtijọ́. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo wọn yóò ti rí i, kí ẹ sì kọ orúkọ tiyín náà sí i. Mo mọ̀ pé àṣà wa ni kí olórí wọ́ọ̀dù máa ṣe iṣẹ́ àárọ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Síbẹ̀, bí orúkọ yín bá wà níbẹ̀, tí wọ́n sì rí i pé ẹ gba iṣẹ́ àárọ̀ ọlidé ńlá kan lọ́dún, ọ̀rọ̀ ojúsàájú á rọlẹ̀.

Ìwé náà ní ìṣòro tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì tuntun bá dé, máàkì rẹ̀ jẹ́ òdo, ti àwọn yòókù ti tó ogójì. Bí ẹ bá ń wo ìwé láìronú, òun ni yóò máa ṣe gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ títí yóò fi bá wọn, ó sì lè kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó bá wọn. Lọ́jọ́ tó bá dé, ẹ kọ iye máàkì tó wà ní agbedeméjì ti àwọn yòókù fún un, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ohun kan náà ni fún ẹni tó ti ìsinmi ìbímọ dé: kò jẹ gbèsè kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba líìfù ọdọọdún rẹ̀ sí àkókò Kérésì nígbà tí Kérésì kàn án kò tíì san án, ó ti sún un síwájú ni, òun ni yóò ṣe ti ọdún tó ń bọ̀. Bí ẹ kò bá fi òfin yìí lélẹ̀, líìfù oṣù kejìlá á di ọ̀nà àsálà.

Bí ẹni méjì bá pààrọ̀ dúútì, ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló ni máàkì. Kí wọ́n fọwọ́ sí i lọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ó kéré tán. Ẹ fojú sí ẹni tó máa ń gba dúútì Sátidé lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn lemọ́lemọ́. Ó lè jẹ́ pé owó ni wọ́n ń fún un, ó sì ń ṣe alẹ́ lórí alẹ́. Kò sí òògùn tí ọwọ́ tó ti rẹ̀ kò lè ṣì fún aláìsàn. Ẹ yan ẹnì kan nínú àwọn tó wà nílé fún ìdìpọ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan, tí yóò tan fóònù rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹnì kan bá ránṣẹ́ pé ara òun kò yá ní òwúrọ̀ Kérésì. Ẹ kọ ààbọ̀ máàkì fún un bí wọn kò pè é. Bí wọ́n bá pè é, kó gba gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì yọ ìdìpọ̀ tó kàn kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ibì kan wà tí ètò kankan kò lè dé. Ẹni méjìlá fún iṣẹ́ mẹ́fà jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí mẹ́ta bá japa lọ sí Lọ́ńdọ́nù, tí kò sí ẹni tó rọ́pò wọn, ó di méjì nínú mẹ́ta, bí ẹ tilẹ̀ pín in dọ́gba bí ẹyin. Lákòókò yẹn, ẹ má tún ìlà tò mọ́. Ẹ mú ìwé máàkì oṣù mẹ́ta-mẹ́ta náà tọ olórí àwọn nọ́ọ̀sì lọ, kí ẹ fi hàn án bí iye òpin ọ̀sẹ̀ tó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń gòkè, kí ẹ sì béèrè ẹni tí yóò wá kún yín láti wọ́ọ̀dù mìíràn fún òpin ọ̀sẹ̀.

Ní ti ọ̀wọ́ kìíní tó ń bínú, ẹ wá róstà ọdún méjì tó kọjá jáde, kí ẹ ka ọdún ńlá kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan níwájú gbogbo wọn. Ẹ fi ònkà mẹ́rìnlá yẹn hàn wọ́n, kí wọ́n fojú ara wọn rí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ san án padà. Kérésì ni kí ẹ fi san Kérésì, ọjọ́ 12 Oṣù Kẹfà kò lè san án. Ọ̀wọ́ kejì ni yóò ṣe méjì tó ń bọ̀, fún ìgbà kan ṣoṣo yìí ni a ó sì rú òfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe méjì léra, torí àwọn ọ̀wọ́ kìíní ti ṣe méjì tiwọn. Ìdìpọ̀ Ọdún Tuntun á wà lọ́wọ́ ọ̀wọ́ kìíní ní ọdún méjèèjì náà. Láti ọdún kẹta, kí pípààrọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e jáde ní ìparí oṣù kẹwàá, nígbà tí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò ṣì lè ṣètò rẹ̀.